Ọ̀rá Tó Yí Apẹ́ńdíìsì Ká

Gbólóhùn kan wà tó máa ń wà nínú ìwé èsì síkáànù, tó sì ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà: "A kò rí apẹ́ńdíìsì." Aláìsàn á kà á, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sọ fún àwọn ará ilé pé wọ́n ní apẹ́ńdíìsì kọ́ ló ń yọ òun lẹ́nu. Ìwé náà kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó ṣe síkáànù náà wá apẹ́ńdíìsì títí, kò bá a pàdé. Apẹ́ńdíìsì tí a kò rí lè wà ní àlàáfíà, ó sì lè ti wú débi pé díẹ̀ ló kù kó bẹ́. "A kò rí i" yàtọ̀ pátápátá sí "a rí i, kò sì ṣe nǹkan kan," ìyàtọ̀ yìí ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ẹni tó bá mọ ohun tí a ń wá nínú àwòrán náà kò ní í tètè gbé ìwé èsì lọ sílé pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn tí kò tọ́ sí i.

Ohun méjì ni ojú wa ń wá. Àkọ́kọ́ ni ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti nípọn. Èkejì ni ọ̀rá tó yí i ká, bóyá ó mọ́ tàbí ó ti dàrú. Àwọn ènìyàn máa ń gbọ́ nípa ìfun yẹn. Ọ̀rá ni wọn kì í gbọ́ nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni èmi gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Apẹ́ńdíìsì so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Gígùn rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 6 sí 10. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní, èyí tó ṣí sínú ìfun ńlá. Ìdí rẹ̀ dí pátápátá. Awọ inú rẹ̀ a máa yọ omi díẹ̀díẹ̀, omi náà á sì máa gba ẹnu yẹn jáde. Ọjọ́ tí ẹnu náà bá dí ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, ìgbẹ́ tó ti gan, tó le bí òkúta, ló dí i. Nígbà mìíràn, awọ inú rẹ̀ ló wú dí i. Wọ́n ti kìlọ̀ fún ọ̀pọ̀ wa ní kékeré pé iyanrìn inú gààrí tàbí kóró èso ló ń fa àìsàn yìí, ṣùgbọ́n òkúta ìgbẹ́ ni dókítà oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń bá níbẹ̀ tó bá gé e sílẹ̀. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde á máa kún, á máa fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ìfun náà pa, kòkòrò àrùn tó ti ń gbé inú rẹ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni níbi á wá ráyè wọ inú ara rẹ̀ lọ.

Ìrìn àjò yìí ló fà á tí ìrora náà fi máa ń ṣí kúrò níbi kan lọ sí ibòmíràn. Níbẹ̀rẹ̀, àyíká ìdodo ni yóò ti máa dun aláìsàn, nítorí àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ìfun lọ sí ọpọlọ kì í sọ ojú ibi pàtó. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, wíwú náà á ti la ara apẹ́ńdíìsì kọjá, á kan awọ tó tẹ́ inú ikùn, awọ yìí sì mọ ojú ibi tó ń dùn ún gan-an. Ìrora á wá kó lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún, á dúró síbẹ̀. Àkókò tí wíwú bá la ara ìfun náà kọjá ni ọ̀rá àyíká rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Ọdún 1886 ni Reginald Fitz, dókítà ará Boston ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé yékéyéké pé apẹ́ńdíìsì ni ọyún tí wọ́n máa ń bá ní ìsàlẹ̀ ọ̀tún ikùn ti ń wá. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko kọjá kí síkáànù tó wúlò fún un. Síkáànù tí mo ń wí ni èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún. Próòbù rẹ̀ ń rán ìró tí etí kò lè gbọ́ sínú ara, ìró náà á sì padà wá ròyìn ohun tó bá pàdé. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀, ìfun kì í sì í ṣaláì ní afẹ́fẹ́ nínú, nítorí náà ọ̀pọ̀ dókítà gbà nígbà yẹn pé kò sí ohun tí síkáànù lè rí nínú ìfun. Ní 1986, Julien Puylaert, dókítà ará ilẹ̀ Netherlands, kọ ọ̀nà kan jáde tó yí èrò yẹn padà. Kò mú ẹ̀rọ tuntun wá. Ó ní kí a máa fi próòbù tẹ ikùn, díẹ̀díẹ̀, títí ìfun tó wà níwájú á fi tẹ́ pẹlẹbẹ, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì sún sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣàlàyé rẹ̀, irú ẹni tí a máa ń rí ní yàrá síkáànù dáadáa. Ọmọ ọdún 19 ni, akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó tín-ín-rín. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àyíká ìdodo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, oúnjẹ kò wù ú jẹ, ó bì lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ Rú, ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò fún un ní oògùn ibà àti ti táífọ́ọ̀dù. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìrora ti kó sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ó ń tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ rìn, ìyá rẹ̀ sì gbé e wá sí ọsíbítù.

"Fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ń dùn ẹ́ jù."

"Ibí yìí ni, Dókítà."

Ibi tó tọ́ka sí la ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé kò sanra, próòbù tí ìró rẹ̀ kì í lọ jìnnà ṣùgbọ́n tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere la lò. A fi jẹ́ẹ̀lì sí i, a ní kó máa mí jáde, bó bá ti ń mí jáde, ọwọ́ wa á rọra tẹ̀ sí i. A kì í ṣàdédé tẹ̀ ẹ́, a kì í sì í ṣàdédé gbé ọwọ́ kúrò, nítorí gbígbé kúrò lójijì máa ń dun ẹni tí awọ inú ikùn rẹ̀ ti wú ju títẹ̀ lọ. A kọ́kọ́ wá ìfun ńlá tó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gòkè, a tẹ̀ lé e wálẹ̀ títí a fi dé ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà la tẹ̀ títí a fi rí ẹran ẹ̀yìn ìbàdí àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀. Rírí méjèèjì yìí ṣe pàtàkì gidi. Tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ débi tí wọ́n fi hàn, gbogbo ohun tó wà láàárín próòbù àti ẹ̀yìn ikùn ti há sáàárín, apẹ́ńdíìsì tó bá wà níbẹ̀ kò ní ibi tí yóò sá sí. Bí a kò bá rí wọn, a kò tíì tẹ̀ ẹ́ tó, ẹni tó bá sì kọ "a kò rí apẹ́ńdíìsì" nírú ipò bẹ́ẹ̀ kò tíì wá a.

Ìfun tó wà ní àlàáfíà á tẹ́ tí a bá tẹ̀ ẹ́, á sì máa yí, á máa ti oúnjẹ síwájú, ojú wa á máa rí i. Apẹ́ńdíìsì tó ti dí, tó ti kún kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ tẹ píọ́ wọ́tà tí wọn kò tíì já létí ló rí: á yẹ̀ sọ́tùn-ún, á yẹ̀ sósì, ṣùgbọ́n kò ní í tẹ́. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò tẹ́, kò sì yí rárá. A wọn ìbú rẹ̀ láti ìta ẹ̀gbẹ́ kan dé ìta ẹ̀gbẹ́ kejì, ó jẹ́ mìlímítà 11. Mìlímítà 6 ni a sábà máa ń fi ṣe ààlà. Nígbà tí a yí próòbù padà kí a lè rí i bí ẹni gé e lábúlà, ó jọ òrùka inú òrùka: omi dúdú láàárín, awọ inú tó funfun, ara ìfun tó ti nípọn, tó dúdú, lóde. Ní itòsí ẹnu rẹ̀ la ti rí ohun kan tó funfun báláú, ìbú rẹ̀ bíi mìlímítà 7, tí òjìji dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nítorí ìró kò lè là á kọjá. Òkúta ìgbẹ́ nìyẹn. A tẹ̀ lé ìfun náà títí dé ìdí rẹ̀ tó dí, nítorí a kì í lè dá apẹ́ńdíìsì láre lórí ààbọ̀ rẹ̀ nìkan. Ìdí nìkan lè wú nígbà tí apá òkè ṣì dára.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá wo ọ̀rá.

Nínú ikùn, ọ̀rá kì í ṣe pàǹtí. Òun ló gbé ìfun ró, òun ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Nígbà tí ó bá mọ́, àwọ̀ eérú ló máa ń ní lójú ẹ̀rọ, ó rọ̀, ó máa ń sún kúrò lábẹ́ ọwọ́ tí a bá tẹ̀ ẹ́, débi pé ẹni tí kò mọ̀ kò ní í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tí wíwú bá ti la ara apẹ́ńdíìsì kọjá, ọ̀rá àyíká rẹ̀ á gba omi sára, á le, á funfun, á tóbi. Aṣọ ọ̀rá tó bo ìfun láti òkè náà á sún wá síbẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn, á máa gbìyànjú láti dí ibi tí ó lè bẹ́. Lára ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, ọ̀rá funfun kan yí apẹ́ńdíìsì ká, a tẹ̀ ẹ́, kò sún. Ó ti ìfun kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ló sì ti kígbe.

Ìdí tí mo fi gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rá ju ìbú lọ ni pé ìbú máa ń tan ni jẹ. Ẹni tí kò ṣàìsàn rárá lè ní apẹ́ńdíìsì tó fẹ̀ tó mìlímítà 7, nítorí afẹ́fẹ́ tàbí ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Tí ó bá tẹ́ lábẹ́ ọwọ́, tí ọ̀rá àyíká rẹ̀ sì mọ́, a máa ń fi í sílẹ̀. Ní ìdàkejì, apẹ́ńdíìsì tó ti bẹ́ lè ti tú omi inú rẹ̀ dànù, kí ó wá rọ̀ bí píọ́ wọ́tà tí wọ́n ti já, kí ìbú rẹ̀ sì dín kù. Ẹni tó bá ń wo ìbú nìkan lè sọ pé ó dára. Ọ̀rá kò ní í jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ní àkókò yẹn ni ọ̀rá máa ń dàrú jù, tí omi tàbí ọyún sì máa ń wà láàárín rẹ̀.

Ọ̀rá yìí náà ló máa ń ràn wá lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ táífọ́ọ̀dù, tó jẹ́ ìṣòro ńlá lọ́dọ̀ wa. Táífọ́ọ̀dù máa ń mú ìparí ìfun kékeré, ibi tí kò jìnnà sí apẹ́ńdíìsì rárá, ìrora rẹ̀ sì lè wà lápá ọ̀tún. Lójú síkáànù, a máa ń rí i pé ara ìfun kékeré ti nípọn, àwọn kókó àyíká rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n apẹ́ńdíìsì wà ní ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀rá àyíká sì sábà máa ń mọ́, bí ìfun kò bá tíì lu. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wídààlì, tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò wa ń ṣe, lè sọ pé táífọ́ọ̀dù wà lára ẹni tí kò ní i lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó dùn mí púpọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ń fi ìwé Wídààlì tọ́jú fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó gbé próòbù lé ikùn wọn. Fún obìnrin, a kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láìwo ilé ẹyin àti ilé ọmọ, nítorí ilé ẹyin tó lọ́ tàbí oyún tó dúró síta ilé ọmọ lè dun ènìyàn níbi kan náà, oyún irú èyí sì lè pa á lọ́jọ́ náà.

Síkáànù ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Apẹ́ńdíìsì míì ká lọ sẹ́yìn ìfun ńlá, afẹ́fẹ́ ìfun ńlá á sì bò ó. Ẹni tó sanra, ìró á ti rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aláìsàn míì kò lè gbà kí a tẹ òun. Níbi tó bá ti rí báyìí, tí dókítà sì ṣì ń fura, síkáànù Sí-Tíì ló kàn, ẹ̀rọ olóbìírí tó ń fi ìtànṣán ẹ̀kísíréè ya ikùn ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ẹ̀rọ yìí ń fi nǹmbà kan fún gbogbo ohun tó bá rí: omi jẹ́ 0, ọ̀rá wà ní nǹkan bíi 100 sísàlẹ̀ 0, ó sì ń fi ọ̀rá hàn ní dúdú. Tí omi bá ti wọ inú ọ̀rá, nǹmbà rẹ̀ á gòkè sún mọ́ 0, dúdú yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ilà aláwọ̀ eérú wínníwínní káàkiri. Níbi tí ilà wọ̀nyí bá pọ̀ sí jù ni ojú wa máa ń kọ́kọ́ lọ, apẹ́ńdíìsì náà sì sábà máa ń wà láàárín wọn, ó nípọn, ara rẹ̀ ń tàn nítorí oògùn tí wọ́n gún sínú iṣan kí àwòrán lè hàn. Òkúta á funfun bí egungun.

Níhìn-ín ni ohun kan wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tó tín-ín-rín, tí síkáànù onípróòbù rọrùn fún, òun ni Sí-Tíì lè ṣòro fún, nítorí kò sí ọ̀rá tó pọ̀ nínú ikùn rẹ̀. Gbogbo ìfun fara kan ara wọn, kò sí dúdú tí ilà eérú lè hàn lórí rẹ̀. Ẹni tó sanra tí síkáànù kò rí nǹkan kan lára rẹ̀, Sí-Tíì á fi tirẹ̀ hàn kedere. Nítorí ìtànṣán, a kì í tètè gbé ọmọdé lọ síbẹ̀. Aboyún tí síkáànù kò rí apẹ́ńdíìsì rẹ̀, ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Ẹ́mù-Áà-Áì ló dára jù fún un, níbi tó bá wà. Níbi tí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, aláìsàn á sùn sí ọsíbítù, dókítà á máa tẹ ikùn rẹ̀ wò, a ó sì tún síkáànù ṣe lẹ́yìn wákàtí bíi 6 sí 12. Apẹ́ńdíìsì tó ń wú kì í dúró sójú kan. Ohun tí kò hàn lówùúrọ̀ lè hàn nírọ̀lẹ́.

Ohun tí àwòrán bá sọ ló ń pinnu ìtọ́jú. Tí ọyún bá ti kó jọ sójú kan, tí ọ̀rá sì ti dì í mọ́, dókítà lè má gé apẹ́ńdíìsì rárá lọ́jọ́ náà, wọ́n á kọ́kọ́ fa ọyún náà jáde. Ohun tí Frederick Treves ṣe fún Ọba Edward Keje ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1902, ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dé e ládé. Ó la ikùn ọba, ó jẹ́ kí ọyún ṣàn jáde, ó fi apẹ́ńdíìsì sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì dé ọba ládé ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ. Lónìí, abẹ́rẹ́ àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi síkáànù darí ni a sábà máa ń lò fún irú rẹ̀.

Ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa kò tíì bẹ́. Ìyá rẹ̀ béèrè bóyá oògùn nìkan kò lè tó, kí wọ́n má gé ọmọ òun. Ìbéèrè náà ní láárí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí àgbàlagbà 1,552, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020, fún ìdajì wọn ní oògùn apakòkòrò dípò iṣẹ́ abẹ. Láàárín 90 ọjọ́, nǹkan bíi 29 nínú 100 àwọn tó lo oògùn ni wọ́n padà gé apẹ́ńdíìsì wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí òkúta wà nínú tiwọn, ó tó 41 nínú 100. Àwọn tí kò ní òkúta jẹ́ nǹkan bíi 25.

"Mà, tí kì í bá ṣe òkúta yìí ni, ǹ bá ní ká jọ rò ó," ni dókítà oníṣẹ́ abẹ sọ, ó fi ìka tọ́ ohun funfun náà lójú àwòrán. "Oògùn kò lè yọ ọ́, ẹnu ibi tó ti dí yẹn náà ni yóò ṣì wà." Ìyá fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì gé apẹ́ńdíìsì ọmọ rẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà.